Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó tún padà: bí ẹ ṣe lè fọ kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ mọ́ láì tún Windows fi sí i

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ìpolówó ń yọjú ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, Chrome ń ṣí ojúewé tẹ́nikẹ́ni ò ní kó ṣí. Ẹ wá ètò tí ẹ fura sí, ẹ yọ ọ́ kúrò, ọkàn yín balẹ̀. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà. Ẹlòmíì á wá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tó máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, tó máa fi Windows tuntun sí i, tí fọ́tò ìgbéyàwó àti iṣẹ́ oníbàárà á sì bá a lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò yẹ kó dé bẹ́ẹ̀. Ètò tó bá ń padà, nǹkan kan ló ń mú un padà, ibi tí nǹkan náà lè sá pamọ́ sí ò sì pọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì kan ní Kétu, tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ni màá máa tọ́ka sí bí a ṣe ń lọ, torí gbogbo ìṣòro yìí ló kó sórí rẹ̀. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ jíígábáìtì 4. Ẹni tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ti gba ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń sọ PDF di Word sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù bá mi sọ ò ju ìkan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, a ti yọ ọ́, ó tún ti dé.”

Bó ṣe jẹ́ pé èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa ń sọ, ní Àjàṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ní Ṣábẹ̀, orúkọ tí ẹ máa rí lójú rẹ̀ gan-an ni màá máa kọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ ní pásíwọ́dù àkáǹtì tó láṣẹ alábòójútó lórí kọ̀ǹpútà náà. Tí ẹ ò bá ní in, ẹ ò lè dé ìpele kẹrin. Ẹ ní kílé yúésìbì kan tí ẹ máa kó àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì sí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fáìlì iṣẹ́ àti fọ́tò nìkan ni kí ẹ kó, ẹ má kó ètò kankan mọ́ ọn. Ẹ ti ṣájà bọ iná, torí tí iná bá lọ tí bátìrì ò sì lágbára mọ́ nígbà tí Windows ń tún ara rẹ̀ tan, wàhálà mìíràn nìyẹn. Ẹ wá mú ìwé àti bírò. Ẹ má fojú kékeré wò ó: ẹ máa kọ orúkọ fódà àti ọjọ́ sílẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ ni yóò mú olè jáde.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe àmì ibi tí ẹ lè padà sí tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ tẹ Windows + R, ẹ kọ èyí, ẹ tẹ Entrée:

```
SystemPropertiesProtection
```

Tí ẹ bá rí i pé a ti pa ààbò diski C:, ẹ tẹ Configurer kí ẹ tan án. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Créer, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ dúró títí yóò fi sọ pé òun ti ṣe tán.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe wá “nettoyeur PC gratuit” lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú ètò tó ń ṣèlérí pé òun á mú kọ̀ǹpútà yára ló jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ lé jáde. Tí ojúewé ńlá kan bá sì bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tó ń ké pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ má pè é. Ẹ tẹ Échap mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí kò bá lọ, ẹ tẹ Ctrl + Shift + Esc, ẹ yan Chrome, ẹ tẹ Fin de tâche. Tí ẹ bá tún Chrome ṣí, tó ń bi yín bóyá kó dá àwọn ojúewé àná padà, ẹ má gbà.

Ìpele 1: Ẹ ge íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ pa wáífáì tàbí kí ẹ yọ módẹ̀mù. Ètò tí kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò lè tún ara rẹ̀ gbà wálẹ̀ nígbà tí ẹ ń yọ ọ́, mẹ́gà yín náà á sì sinmi. Ìpele kẹfà la máa tó tún un tan.

Ìpele 2: Ìpolówó tó ń yọ ní igun ìsàlẹ̀

Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, òun ló sì rọrùn jù. Ìpolówó tó bá ń yọ láti igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, tí orúkọ Chrome tàbí Edge àti orúkọ ojúewé kan wà lára rẹ̀, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Àṣẹ ni ẹ fún ojúewé náà. Ní ọjọ́ kan, ojúewé kan ní kí ẹ tẹ Autoriser láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, tàbí kí fíìmù tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ẹ̀tọ́ láti máa ránṣẹ́ sí yín, kódà nígbà tí ẹ ò ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì fi ń wò ó láì rí nǹkan kan.

Ẹ kọ èyí síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí nínú Chrome:

```
chrome://settings/content/notifications
```

Nínú Edge, ẹ fi `edge` rọ́pò `chrome`. Ẹ máa rí àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ fún láṣẹ. Orúkọ tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ tẹ àmì tó dà bí àmì ìdánudúró mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yan Bloquer. Bloquer ni o, kì í ṣe Supprimer: èyí tí ẹ bá pa rẹ́ lásán lè tún wá bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, èyí tí ẹ bá dí mọ́ ò ní lè béèrè mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù Kétu, àkọsílẹ̀ náà gùn débi pé mo ní láti máa yí i wálẹ̀, ojúewé fíìmù ọ̀fẹ́ àti ti bọ́ọ̀lù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lókè ojúewé náà, ẹ yan pé kí ojúewé kankan má lè béèrè àṣẹ yìí mọ́. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó nílò rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti padà ní ìpele kẹfà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè wà ní títan fún bíi wákàtí kan kí igun yẹn sì dákẹ́. Tí nǹkan bá tún yọ, ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Tí kì í bá ṣe orúkọ búráúsà, ètò kan lórí kọ̀ǹpútà ló rán an, ẹ máa bá a ní ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Ìpele 3: Inú búráúsà

Ẹ lọ sí `chrome://extensions`. Àfikún tí ẹ ò bá lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní gbólóhùn kan, ẹ tẹ Supprimer. Ti Kétu ní ọ̀kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ PDF, òun ló ń darí gbogbo ohun tí wọ́n bá wá lórí Google gba ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `chrome://settings/reset`, kí ẹ dá ìtòlẹ́sẹẹsẹ Chrome padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Kò ní pa àwọn ojúewé tí ẹ sàmì sí tàbí pásíwọ́dù tí ẹ fi pamọ́ rẹ́. Àmọ́ ó máa pa gbogbo àfikún, títí kan àwọn tó dáa, ó sì máa pa kúkì rẹ́, torí náà ẹ máa ní láti tún wọlé sí Facebook àti àwọn yòókù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á yọ Chrome lódindi, wọ́n á tún un fi sí i, inú wọn á dùn. Wọ́n á wá wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google wọn, àfikún náà á sì tẹ̀lé wọn wọlé, torí inú àkáǹtì ló wà, kì í ṣe orí diski. Inú Chrome fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹ ti wọlé, ni kí ẹ ti yọ àfikún kúrò.

Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí àmì Chrome tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yan Propriétés, ẹ wo àpótí Cible. Ó yẹ kó parí sí `chrome.exe"`. Tí àdírẹ́sì ojúewé kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń ṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ àmì náà. Ẹ pa ohun tó wà lẹ́yìn `chrome.exe"` rẹ́, ẹ tẹ OK.

Tí àfikún kan ò bá ní bọ́tìnnì Supprimer tó ṣeé tẹ̀, tí Chrome sì ń sọ pé ilé iṣẹ́ yín ló ń darí òun, “géré par votre organisation”, nígbà tó jẹ́ kọ̀ǹpútà tara yín, ẹnìkan ti kọ òfin sínú Windows. Ẹ ṣí `chrome://policy`, kí ẹ wò bóyá `ExtensionInstallForcelist` wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ kọ `cmd` síbi ìwákiri Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ yan Exécuter en tant qu'administrateur, kí ẹ wá kọ àwọn wọ̀nyí. Ìlà àkọ́kọ́ ń tọ́jú ẹ̀dà kan pamọ́, ìkejì ló ń yọ òfin náà:

```
reg export "HKLM\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome" "%USERPROFILE%\chrome.reg"
reg delete "HKLM\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome" /f
```

Ìkìlọ̀: kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí ti ilé ìwé lè ní òfin bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó tọ́, àwọn ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì kan náà sì máa ń fi òfin sínú Chrome. Tí kò bá ti sí `ExtensionInstallForcelist` pẹ̀lú àfikún tí ẹ ò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pa Chrome, ẹ tún un ṣí. Ojúewé òfo tàbí ti Google ni kó yọ. `chrome://extensions` gbọ́dọ̀ wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Ìpele 4: Ètò tí ẹ ò fẹ́

Ẹ tẹ Windows + R, ẹ kọ `appwiz.cpl`. Ẹ tẹ orí òpó Installé le kí àwọn tó dé kẹ́yìn lè wá sókè. Orúkọ ètò lè tan yín jẹ, ọjọ́ kì í tànni bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ara yín nígbà tí ìṣòro bẹ̀rẹ̀, ẹ wo gbogbo ohun tó wọlé ní ọjọ́ náà. Ní Kétu, ètò PDF náà ò dá wá: ètò kan tó ń ṣèlérí láti tún dírayíbà ṣe, òmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní búráúsà, àti ẹ̀kẹta tí orúkọ rẹ̀ ò nítumọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn wọlé. Bí wọ́n ṣe ń wọlé nìyẹn, nígbà tí ẹ bá ń tẹ Suivant, Suivant láì ka àpótí tí wọ́n ti sàmì sí fún yín.

Ẹ yọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ohun tó wà lójú dáadáa, torí bọ́tìnnì ńlá tó ń dán máa ń jẹ́ èyí tó ní kí ẹ fi ètò sílẹ̀, èyí tó ń yọ ọ́ á wà ní lẹ́tà kékeré tó ṣókùnkùn. Ètò tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ ní ìpele karùn-ún.

Ìkìlọ̀: ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó ń jẹ́ Microsoft Visual C++ Redistributable, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì jọra. Àwọn ètò mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Intel, Realtek àti Synaptics. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí ohùn rẹ̀ kú nítorí irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìpele 5: Ohun tó ń mú un padà

Ibí lọ́rọ̀ wà. Ẹni tó bá dúró sí ìpele kẹrin ló máa ń sọ pé ó tún ti dé.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl + Shift + Esc, ẹ lọ sí Démarrage. Lórí Windows 11, Applications de démarrage ló ń jẹ́. Àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà jí ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí èyí tí ẹ ò mọ̀, kí ẹ yan Ouvrir l'emplacement du fichier láti mọ ilé rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yan Désactiver.

Ibi kejì ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Windows ní ìwé iṣẹ́ kan tó ń tẹ̀ lé: ní aago báyìí, ṣe èyí, tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ṣe tọ̀hún. Ètò burúkú máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì ní yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá lé e. Ẹ tẹ Windows + R, ẹ kọ:

```
taskschd.msc
```

Ní apá òsì, ẹ tẹ Bibliothèque du Planificateur de tâches. Àkọsílẹ̀ tó wà láàárín ni kí ẹ wò. Ẹ má wọ inú fódà Microsoft tó wà lábẹ́ rẹ̀, Windows ló ni ín. Ẹ tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo méjì nísàlẹ̀: Déclencheurs, tó ń sọ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, àti Actions, tó ń sọ ohun tó ń ṣe. Orúkọ tó ní Google, MicrosoftEdge tàbí OneDrive sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ni ín, tí Actions rẹ̀ bá ń tọ́ka sí fódà ilé iṣẹ́ náà.

Èyí tí a bá ní Kétu ń pe ara rẹ̀ ní Updater pẹ̀lú ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ́yìn. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá wọlé, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Actions rẹ̀ rí báyìí. Mo fi X sí àyè orúkọ fódà:

```
wscript.exe "C:\Users\boutique\AppData\Roaming\X\u.js"
```

Ohun mẹ́ta ló tú u síta. `wscript.exe` jẹ́ ti Windows lóòótọ́, àmọ́ fáìlì `.js` ni wọ́n ní kó ṣe, ètò tòótọ́ kì í sábà tún ara rẹ̀ ṣe báyẹn. Ìkejì, AppData\Roaming ni fáìlì náà wà, fódà tí ètò lè kọ nǹkan sí láì gba àṣẹ alábòójútó. Ìkẹta, ọjọ́ tí wọ́n dá fódà X sílẹ̀ bá ọjọ́ tí ètò PDF wọlé mu. Ohun kan ṣoṣo lè jẹ́ ìfura lásán. Tí mẹ́ta bá pàdé, kò sí iyè méjì mọ́.

Ẹ má tíì pa á rẹ́. Ẹ kọ gbogbo ojú ọ̀nà fáìlì náà sílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí iṣẹ́ náà, ẹ yan Désactiver. Ẹ wá tẹ Windows + R, ẹ kọ `%appdata%`, ẹ wá fódà tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ tún wo `%localappdata%` bákan náà. Tí Windows bá ní fáìlì náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lọ sí Gestionnaire des tâches, ẹ dá a dúró, kí ẹ tún gbìyànjú. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ tún kọ̀ǹpútà tan kí ẹ tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kò ní jí fúnra rẹ̀ mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni pé wọ́n á pa fáìlì rẹ́, wọ́n á gbàgbé iṣẹ́ tó ń pè é. Lẹ́yìn náà, àpótí kékeré kan á máa yọ pé òun ò rí fáìlì `u.js`. Kò léwu, ó kàn sọ fún yín pé ìpè ṣì wà nígbà tí ẹni tí wọ́n ń pè ti lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, ẹ dúró títí yóò fi kọjá àkókò tó wà nínú Déclencheurs. Fún ti Kétu, ó ju wákàtí kan lọ díẹ̀. Ẹ wò bóyá fódà náà tún yọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè wá pa iṣẹ́ náà rẹ́ pátápátá. Tó bá padà, ohun mìíràn tí ẹ ò tíì rí ló ń gbé e wá, ìpele tó kàn ló máa wá a.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí ojú kejì wò ó

Ẹ dá íńtánẹ́ẹ̀tì padà báyìí. Ẹ gba AdwCleaner láti ojúewé Malwarebytes tó ni ín, ẹ má gbà á níbòmíràn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní fi ara rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ fáìlì náà, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wò, kí ẹ ka ohun tó rí kí ẹ tó fi wọ́n sí Quarantaine. Ó máa ń ya àwọn ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà fi sí i sọ́tọ̀. Ẹ má sàmì sí wọn àfi tí ẹ bá mọ̀ dájú pé ẹ ò lò wọ́n. Ó máa tún kọ̀ǹpútà tan.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí Sécurité Windows, ẹ lọ sí Protection contre les virus et menaces, lẹ́yìn náà Options d'analyse, kí ẹ yan èyí tó ní hors ligne. Ó ń wo kọ̀ǹpútà kí Windows tó jí, nígbà tí ohun tó ń sá pamọ́ ò tíì lè sá. Bí ìṣẹ́jú 15 ló sábà máa ń gbà, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lórí diski àtijọ́.

Tó bá jẹ́ pé àfikún tàbí ètò kan wà nínú búráúsà tí ẹ ti ń kọ pásíwọ́dù, ẹ yí pásíwọ́dù ímeèlì yín padà láti orí fóònù, ẹ má ti orí kọ̀ǹpútà náà ṣe é. Tí ẹ bá sì rí fáìlì yín tí orúkọ wọn ti yí padà tí wọn ò ṣí mọ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ yọ kílé yúésìbì, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ìpolówó, àwọn ìpele yìí ò lè tún un ṣe.

Ìpele 7: Tó bá ṣì ń falẹ̀

Ìpolówó lè lọ tán kí kọ̀ǹpútà ṣì máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ tún un tan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó ṣí Gestionnaire des tâches láti wo òpó Disque. Tó bá dúró ní 100 % nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ lọ sí Performance kí ẹ wò bóyá HDD tàbí SSD ni wọ́n kọ síbẹ̀. HDD ni ti Kétu. Kò sí ètò tí ẹ lè yọ tó máa mú diski tó ń yí lábẹ́ Windows 10 yára. Ẹ ra SSD, kí ẹni tó mọṣẹ́ da gbogbo ohun tó wà lórí diski àtijọ́ kọ sórí tuntun bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ òpó Mémoire ló kún, ẹ dín ojúewé tí ẹ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà nínú Chrome kù kí ẹ tó náwó sórí mẹ́mórì.